Gọ́ọ̀mù Tí Lébẹ̀lì Fi Sílẹ̀ Lára Ìgò: Òróró Ló Ń Mú Un, Kì í Ṣe Omi Gbígbóná

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀pà díndín ni mò ń tà l'Òkèfìà níbí. Mo ra ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò 24 àti rọ́bà 12 tí wọ́n ti lò rí. Mo fi omi gbígbóná àti fóòmù onírin fọ̀ wọ́n títí, bébà ti kúrò lára púpọ̀ nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó tún wá ń kó ìdọ̀tí. Ìgò kan ti là. Ẹnìkan ní kí n fi pẹtiróòlù nu rọ́bà, méjì ti funfun bí ìgbà tí kùrukùru bò ó. Kí ni kí n ṣe?*

Àbúrò mi, kọ́kọ́ gbé fóòmù onírin yẹn jù síbì kan ná, torí tó o bá tún fi kan rọ́bà tó kù, o ò ní ní rọ́bà tó ṣeé gbé síwájú oníbàárà mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìgò àlòkù, tí mò ń fọ̀ ọ́, tí mò ń tà á fáwọn olóyin àtàwọn tó ń ṣe ata díndín lọ́jà Ìgbóná, gbogbo nǹkan tó o ṣe yìí lèmi náà ti ṣe rí, títí kan ìgò tó là, màá sọ ti ìyẹn tó bá yá.

Ìdí tí omi gbígbóná ò fi ràn án nìyí. Gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn sítíkà owó ọjà, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe òmíì, òmíì sì rèé, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní akíríìkì ni, àwọn méjèèjì ò bá omi tan rárá, epo ni ìbátan wọn. Tó o bá da omi gbígbóná lé e, ooru yẹn á mú kó rọ̀ lóòótọ́, o ó wá rò pé ó ti ń kúrò, àṣé ńṣe lò ń fi fóòmù tẹ́ ẹ káàkiri ara ìgò, ìgbà tó bá tutù tán á tún dì mọ́ ọn padà, ibi tó tó àtàńpàkò tẹ́lẹ̀ á wá di ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́. Eruku tó bá ń kọjá lọ á wá dúró kí i. Ìdọ̀tí tó ò ń rí yẹn nìyẹn o, ara ìgò gan-an ò dọ̀tí, gọ́ọ̀mù tó wà lára ẹ̀ ló ń mú eruku.

Àwọn ìgò kan wà ṣá tí omi ń ràn. Ìgò bíà àti mọ́ọ̀tì tó ní lébẹ̀lì bébà, gọ́ọ̀mù tó fara jọ ògì ni wọ́n sábà máa ń fi lẹ̀ ẹ́, torí ilé iṣẹ́ á gba ìgò yẹn padà, wọ́n á fi omi gbígbóná tí wọ́n po sódà mọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n á tún rọ ọtí míì sí i, tí lébẹ̀lì ẹ̀ ò bá tètè bọ́ wàhálà ara wọn ni. Tó o bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ, rẹ ìgò kan sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bíi 20 mínítì, kó o fi àtàńpàkò ti bébà ẹ̀. Tó bá yọ̀ lọ wẹ́rẹ́ tí ara ìgò ò sì lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, o ti bọ́, ọṣẹ díẹ̀ ló kù. Tí ìka ẹ bá ń lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń fà yọ̀ọ̀ bí ilá, ìbátan epo nìyẹn, má fi omi ṣòfò mọ́.

Èyí tí bébà ṣì wà lára ẹ̀, bébà yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyẹn nítorí ìkánjú. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun lè fẹ́ ẹ sí i fún bí ààbọ̀ mínítì, ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀gbà tí iná á dé, oòrùn ni mò ń lò. Gbé ìgò síta ní bí aago kan ọ̀sán, kí ojú lébẹ̀lì kọ sí oòrùn, fi sílẹ̀ fún 20 mínítì. Lẹ́yìn náà, fi èékánná gbé igun kan, kó o wá máa fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ padà sórí ara ẹ̀, bí ẹni tó ń ká ẹní. Má fà á sókè pẹ́ú. Tó o bá fi ìbínú fà á, bébà á ya sí méjì, ojú tó ní àwòrán á tẹ̀ lé ẹ, ẹ̀yìn ẹ̀ tó funfun á jókòó sórí gọ́ọ̀mù. Lébẹ̀lì onínáílọ́ọ̀nù tún wà, ìyẹn ò ní ya, ṣùgbọ́n òróró ò lè gba àárín ẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba ti bébà, torí náà tí ò bá ṣí, fi ẹnu ọ̀bẹ fá a ní ìlà ìlà kí òróró lè rọ́nà wọlé, lára ìgò nìkan o, má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí rọ́bà.

Ó wá kan òróró. Òróró tá a fi ń dín nǹkan nílé yìí náà ni, kò ní orúkọ méjì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wọnú gọ́ọ̀mù lọ díẹ̀díẹ̀, gọ́ọ̀mù á mu ún, á wú, á sì jọ̀wọ́ ìgò tó dì mú. Kì í ṣe idán, ó kàn ń gba àkókò ni. Ẹni tó bá ní òróró ò ṣiṣẹ́ fóun, bi í léèrè bóyá ó dúró ju mínítì márùn-ún lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé mayonéèsì ni kí o fi pa á, ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n òróró tó wà nínú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kí ló dé tí wàá máa náwó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí gọ́ọ̀mù. Basilíìnì dáa gan-an fún ìgò tó bá wà ní ìdúró torí kì í ṣàn wálẹ̀ bí òróró. Epo pupa nìkan ni mi ò ní jẹ́ kó o fi kan rọ́bà, á yọ gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n á fi àwọ̀ tiẹ̀ rọ́pò.

Jẹ́ n sọ èyí tí mo ṣe ní Sátidé tó kọjá fún ẹ, ìgò mayonéèsì ńlá kan tí sítíkà owó mẹ́ta gun orí ara wọn, ó hàn pé ọjà ń gbówó lórí ni wọ́n ṣe ń lẹ òmíì lé òmíì. Mo ti fi oòrùn ká bébà ẹ̀ kúrò, ó ku gọ́ọ̀mù tó fẹ̀ tó páálí ìṣáná. Mo kọ́kọ́ fi àkísà nù ún gbẹ dáadáa, torí tí omi bá wà lórí ẹ̀, omi yẹn ò ní jẹ́ kí òróró kan gọ́ọ̀mù, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìgò nínú omi wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa á. Mo fi síbí tíì kan òróró pa á, ó nípọn díẹ̀, mo tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ kí ojú ẹ̀ wà lókè, mo lọ ṣa ẹ̀wà. Lẹ́yìn 30 mínítì mo fi àtàńpàkò yí i, ó ń ká jọ bí ìdọ̀tí ara nígbà téèyàn bá ń fi kànrìnkàn wẹ̀, róbótó róbótó dúdú. Mo wá fi káàdì báǹkì tí ò ṣiṣẹ́ mọ́ ti gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi tísù kó o. Má ti ìyẹn sínú ojú omi ìfọwọ́ o, á lọ dì mọ́ páìpù.

Ó ku tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí ibi tí sítíkà ti parí, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń le jù torí ibẹ̀ ni eruku ti ń rí i. Ìyẹn ni mo fi síbí òróró kan àti síbí báàkìn sódà kan po pọ̀ títí ó fi dà bí ẹ̀kọ tó ki, mo fi àkísà rẹ́ ẹ síbẹ̀ yíkáyíká fún bíi mínítì méjì, ó lọ. Báàkìn sódà yẹn ní ẹyọ kéékèèké tó ń họ gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò le tó láti ha ìgò. Ìyá mi, eérú ni wọ́n máa ń lò, eérú ń ṣe é lára ìkòkò, ṣùgbọ́n iyanrìn máa ń wà nínú ẹ̀, mi ò ní fi kan rọ́bà láéláé.

Nísìnyí, ọṣẹ. Má bu omi sí i ná. Kán ọṣẹ olómi sórí ibi tó lóròóró nígbà tó ṣì gbẹ, fi ọwọ́ pa á mọ́ ọn títí á fi funfun, ìgbà yẹn lo ó tó wá bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ díẹ̀ sí i. Tó o bá kọ́kọ́ da omi, òróró á kàn máa sáré kiri orí ìgò, ọṣẹ náà á ti di omi lásán kó tó bá a. Fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tán? Ojú lè tàn ẹ́, gọ́ọ̀mù tó fẹ́lẹ́ máa ń dán bí ìgò gan-an. Jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fún èlùbọ́ bíńtín sí i lára, fẹ́ ẹ kúrò. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá ṣẹ́ kù sí, èlùbọ́ ò ní lọ, á yàwòrán ibẹ̀ fún ẹ kedere. Èmi àtàwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ó ti di eré láàárín wa, ẹni tí ìgò ẹ̀ bá mú èlùbọ́ á tún un fọ̀.

Téèpù lọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Sẹ́lótéèpù tàbí téèpù aláwọ̀ páálí tó ti pẹ́ lára ìgò, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ti gbẹ, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti le bí oje igi, 30 mínítì ò ní tó o. Rẹ àkísà kékeré sínú òróró, wé e mọ́ ibẹ̀, fi náílọ́ọ̀nù dì í lórí kó má baà gbẹ, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ìyẹn náà ò bá mú un, tó bá jẹ́ ìgò ni, epo òyìnbó ló kàn. Kẹrosíìnì yára ju òróró lọ jìnnà, àkísà tó kàn tutù díẹ̀ ti tó, mínítì 10 ti tó, ṣùgbọ́n ìta ni wàá ti ṣe é, kí iná ìdáná má sí nítòsí, torí o mọ̀ pé kẹrosíìnì míì lọ́jà wa yìí, wọ́n ti po pẹtiróòlù mọ́ ọn. Ìta ìgò nìkan ni kó kàn, dé ìgò náà kó o tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ kó o wá yọ ọmọrí sílẹ̀, torí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ọmọrí yẹn, tí òórùn kẹrosíìnì bá wọ̀ ọ́, ẹ̀pà ẹ á máa rùn kẹrosíìnì, oníbàárà ò sì ní padà wá bi ẹ́ ohun tó fà á.

Abẹ náà wúlò lórí ìgò. Fi omi ọṣẹ mú ibẹ̀ tutù, tẹ́ abẹ sílẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ lára ìgò, kó o máa tì í síwájú nìkan, má fà á padà. Abẹ tó ti dípẹtà á ha ìgò. Abẹ tó dúró gbọnrangandan náà á ha á, tàbí kó ha ìwọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, èèpo ọsàn náà ń ṣe é. Àwọn ọlọ́sàn tó ń bó ọsàn lójú títì, èèpo tútù tí wọ́n ń jù sílẹ̀ yẹn, tó o bá ká a sí méjì tó o fún un, omi kan tó ń ta ẹni lójú máa ń tú jáde, ọmọdé tó bá ti fi bẹ́ bàlúùnù rí mọ ohun tí mò ń wí. Òróró ara èèpo ni, ó ń yọ́ gọ́ọ̀mù gan-an. Ìṣòro ẹ̀ ni pé èèpo ọsàn mélòó lo fẹ́ fún tán fún ìgò 24, ṣùgbọ́n fún sítíkà kékeré kan ṣoṣo, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju kẹrosíìnì lọ.

Ó ku rọ́bà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀. Yí rọ́bà kọ̀ọ̀kan sódì kó o wo ìdí ẹ̀, wọ́n sábà máa ń tẹ àmì onígun mẹ́ta síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà nínú. Èyí tó ní 2 tàbí 5, àwọn tó rọ̀ díẹ̀ tí wọn ò mọ́ gaara bíi rọ́bà aísìkirímù, ara wọn le, òróró ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan, spírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì náà ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan tó o bá fi nù wọ́n kíá, ó kàn lè pa òǹtẹ̀ tàbí ìkọ̀wé ara wọn rẹ́ ni. Èyí tó ní 1, tó mọ́ gaara bí ike omi, òróró dáa fún un ṣùgbọ́n omi gbígbóná ni ọ̀tá ẹ̀, omi tí ọwọ́ ẹ ò bá lè gbà, má fi kàn án, á hunjọ. Má gbé e sí oòrùn pẹ́ pẹ̀lú. Èyí tó ní 6, ìyẹn tó mọ́ gaara tó sì le gbagidi, tó ń dún kàkà tó o bá tẹ̀ ẹ́, tó sì máa ń fọ́ bí ẹyin, òun ló lẹ́gẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Òróró díẹ̀ àti ọṣẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, má sì jẹ́ kí òróró pẹ́ lára ẹ̀. Pẹtiróòlù ń yọ́ ọ, kẹrosíìnì ò dáa fún un, èèpo ọsàn pàápàá ń yọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kútẹ́ẹ̀sì náà rèé. Omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ lára èékánná, tó bá jẹ́ èyí tó ní asitóònù, ó ń mú gọ́ọ̀mù lára ìgò dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́dún kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó fi nu ike onínọ́ńbà 6 kan, kó tó gbọ́wọ́ kúrò ojú ike ti rọ̀, ìlà àtàńpàkò ẹ̀ tẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó tẹ ìka fáwọn elétò ìdìbò. Ike yẹn ṣì wà nílé, bọ́tìnnì ni mò ń kó sí i. Èyí tí ò bá ní nọ́ńbà nídìí, fi ohun tó o fẹ́ lò kan ìsàlẹ̀ ẹ̀ ná níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, dúró fún mínítì márùn-ún, fọwọ́ kàn án, tó bá ń lẹ̀ tàbí tó funfun, sá.

Dípò káàdì, èékánná ni kó o lò lórí rọ́bà, tàbí kó o mú sẹ́lótéèpù tuntun, tẹ̀ ẹ́ mọ́ gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́ kù, kó o ya á kúrò lẹ́ẹ̀kan, gọ́ọ̀mù á bá gọ́ọ̀mù lọ. Ṣe é bí ìgbà márùn-ún, mẹ́fà. Kí o tó fi òróró kàn án ni wàá ṣe ìyẹn o, lẹ́yìn òróró téèpù ò ní mú nǹkan kan.

Ìgò ẹ tó là ńkọ́, omi híhó lo dà lé ìgò tútù. Ojú tí omi kàn á fẹ́ fẹ̀, ojú kejì á ní òun ò lọ ibì kankan, ó pọn dandan kí ìgò là. Èmi, àárọ̀ ọyẹ́ ni tèmi, mo to ìgò mẹ́fà sórí sìmẹ́ńtì tútù níta, mo da omi kẹ́tùlù lé wọn, mẹ́rin ló dáhùn tá, tá. Tó o bá tún nílò omi gbígbóná, bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ìgò àti sínú báàfù ná, lẹ́yìn mínítì márùn-ún kó o wá fi èyí tó gbóná díẹ̀ sí i kún un, má dà á lé ìgò lára tààrà. Èyí tó là yẹn, jọ̀ọ́ má kó ẹ̀pà sí i, ìgò tó bá ti sán máa ń já fọ́nrán tójú ò rí.

Rọ́bà méjì tó funfun yẹn, wo ìdí wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá a mọ̀ láti ibí pé nọ́ńbà 6 ni. Funfun yẹn ò ní kúrò mọ́, kì í ṣe ìdọ̀tí tó wà lórí ẹ̀, ojú rọ́bà gan-an ni pẹtiróòlù ti jẹ, ó sì ti mu díẹ̀ sára, torí náà kò gbọ́dọ̀ kó oúnjẹ mọ́, owó ẹyọ ni kó o máa kó sí i. Tó bá jẹ́ pé o ti fi pẹtiróòlù nu òmíì lára 10 tó kù tí ò funfun, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, dé e pa mọ́ fún ọjọ́ méjì, kó o wá ṣí i kó o gbóòórùn inú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá ṣì ń rùn, kó bá àwọn méjì yẹn lọ. Àwọn tí fóòmù onírin ti ha kàn ń ṣú ni, a lè fi ẹ̀pà gbígbẹ sínú wọn tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ti ha, ṣùgbọ́n tí ìha yẹn bá dé inú, òróró ẹ̀pà á máa wọ inú ìlà yẹn, á máa kan níbẹ̀, ọṣẹ ò sì ní dé ibẹ̀ mọ́.